Àwọn tí ò wá sípàdé ní kí n fi síláìdì ránṣẹ́: báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ nípàdé, ó yé gbogbo wọn. Àwọn ọ̀gá tí ò wá ní àwọn náà fẹ́ kà á. Kí lojú yín ti rí lórí irú ẹ̀?

Adékọ́: Sọ ọ́ di PDF, fi ránṣẹ́. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Ó parí kẹ̀? Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣáàtì kan wà níbẹ̀ tí ìlà ẹ̀ já wálẹ̀ lóṣù karùn-ún, àkọlé ẹ̀ ò ju "Ọjà Títà" lọ. Nípàdé, ẹnu ló fi ṣàlàyé pé wọ́n ti ilé ìkẹ́rù pa torí àtúnṣe ni, pé oníbàárà ò sá, oṣù keje ni wọ́n wá ra tiwọn. Ọ̀gá tí ò wá ò gbọ́ ìyẹn, ọjà tó wó lójú ẹ̀ rí, ló bá gé owó ìpolówó. Témi bá fẹ́ fi ránṣẹ́ báyìí, màá sọ àkọlé di odindi gbólóhùn: "Ọjà já lóṣù karùn-ún torí wọ́n ti ilé ìkẹ́rù, ó padà bọ̀ sípò lóṣù keje." Ka àwọn àkọlé nìkan látòkè délẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà ò bá yé ẹ, má tíì fi ránṣẹ́.

Tóyìn_T: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká pàdé ọ̀gá agéwó 😂

Múfú: Tèmi kì í hàn dáadáa lára ògiri, bóyá gílóòbù inú ẹ̀rọ yẹn ló ti ń kú.

Tóyìn_T: Bọ̀dá Múfú, ìpàdé ti parí o.

Sàkí: PDF yẹn náà, tó o bá ṣe é kí nǹkan máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí síláìdì, gbogbo ẹ̀ á gorí ara wọn lójú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ da síláìdì yẹn kọ sí méjì mẹ́ta kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di PDF.

Adékọ́: Kó fi PowerPoint gan-an ránṣẹ́ nígbà yẹn, nóòtì tó kọ sísàlẹ̀ á ṣàlàyé.

Sàkí: Háà! Nóòtì tí ẹlòmíì kọ "má jẹ́ kí wọ́n béèrè iye owó" sí ńkọ́? Àti pé tó o bá lẹ ṣáàtì mọ́ ọn látinú Excel, gbogbo fáìlì Excel yẹn lè bá a lọ, tó fi mọ́ ojú ewé owó oṣù tó ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí. Lẹ̀ ẹ́ bí àwòrán.

Àdùkẹ́: Nóòtì ò burú ṣá. Èmi máa ń lo Notes Page, síláìdì á wà lókè, ọ̀rọ̀ á wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Tó o bá tún un kọ ni o. Nóòtì ẹlòmíì ò ju "dúró díẹ̀, rẹ́rìn-ín" lọ.

Kánmí: Ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀lẹ. Ẹni tí ò wá, ò wá.

Àdùkẹ́: Ẹni tó ń ṣàìsàn ńkọ́?

Kánmí: Gbogbo wọn ló ń ṣàìsàn lọ́jọ́ ìpàdé?

Ìyá Ìbejì: Ọ̀gá tó ń buwọ́ lùwé ni wọ́n o, mi ò lè bá wọn jà. Ìbéèrè táwọn èèyàn bi mí ńkọ́, ṣé kí n fi kún un?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Fi kún un, pẹ̀lú ìdáhùn ẹ. Ohun tó o fẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù ni kó ṣáájú, lójú ewé àkọ́kọ́.

Adékọ́: Ọ̀gá tèmi ò ní ka ojú ewé kejì láéláé.