Ṣé ìpolówó bọ́ọ̀lù yìí kò ní kó wa sí wàhálà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìpolówó ọjà. Èmi ni mo ń kọ ìpolówó fún ṣọ́ọ̀bù ohun èlò eré ìdárayá kan àti ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. FIFA ti forúkọ ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, àmì rẹ̀ àti àwòrán ife-ẹ̀yẹ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Kódà "Qatar 2022" wà lára wọn, nítorí náà mo yọ orúkọ ibi ìdíje àti ọdún pẹ̀lú. Ohun tó kù nìyí:

"Bọ́ọ̀lù dé! Ẹ wá ra jẹ́sì, kí ẹ wá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lójú amóhùnmáwòrán ńlá. Ta ni yóò gbégbá orókè?"

Àwòrán bọ́ọ̀lù lásán ni mo fi sí i. Apá yìí kò bà mí lẹ́rù.

Ibi tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí n fi kún un pé: "Ṣọ́ọ̀bù wa ló gbé ìwòran yìí wá fún yín." Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, ṣùgbọ́n lójú FIFA, ìwòran ìta gbangba tó bá ti ní onígbọ̀wọ́ ti di ti òwò, ó sì lè gba ìwé àṣẹ. Mo rò pé gbólóhùn kan yẹn léwu ju gbogbo ìyókù lọ.

Tí mo bá pín in sí ìwé ìpolówó méjì, tí ìkankan kò dárúkọ èkejì, ṣé ó tó? Àbí gbólóhùn bíi "ra jẹ́sì, gba àga ìjókòó" ṣì máa so wọ́n pọ̀ tí mo bá fi sí i? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ti gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ rí dá mi lóhùn.