Àdògán wa dára, àlàyé rẹ̀ ni kò wọ oníbàárà létí

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdògán eléèdú ni èmi àti bàbá mi ń ṣe ní Ìjọ̀kà, l'Ákùrẹ́ níbí. Àyè gbólóhùn méjì péré ló kù lábẹ́ àwòrán tí a fẹ́ tẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: "Páànù tó nípọn, amọ̀ nínú, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́. Ọwọ́ méjì, ọ̀dà tí kì í tètè ṣí." Mo fi han àwọn èèyàn l'Ọ́jà Ọba, wọ́n kàn béèrè iye rẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ alápáànù lásán lọ. Èébú tí obìnrin kan bú mi níbẹ̀, ẹ jẹ́ n dákẹ́. Kí ni kí n kọ?

Ìyá Ìbejì: Èmi ra irú ẹ̀ rí, amọ̀ inú ẹ̀ sán. Kọ ọ́ pé kò ní í sán!

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ìyá, àbí omi lẹ fi pa iná inú ẹ̀? Tiwa náà á sán bẹ́ẹ̀.

Bàbá Sáìnì: Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Kọ "Ó ń dín ìnáwó kù." Ó tán.

Àǹtí Ọlọ́jà: Ẹ tọ́ díẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n alápáànù náà lè kọ ìyẹn. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, mú àwọn ohun tí o kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa bi í pé "kí ló kàn mí níbẹ̀?" títí yóò fi kan àpò ẹni tó ń rà á. Amọ̀ kì í jẹ́ kí ooru gba ara páànù sá lọ. Kí ló kàn mí? Èédú díẹ̀ á se oúnjẹ. Kí ló kàn mí? Àpò kan á pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni kí o dúró. Ọ̀dà ò dé ibì kankan, yọ ọ́. Ta ló ń rà á gan-an?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Gbogbo ẹni tó bá ń dáná ni.

Ìyá Ìbejì: Gáàsì lọkọ mi ní ká máa lò báyìí o.

Àǹtí Ọlọ́jà: Àwọn wo ló padà wá ra èkejì?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Àwọn alákàrà Ìsinkàn ni. Wọ́n ní tí àwọn bá ti ìlẹ̀kùn yẹn díẹ̀, òróró kì í jóná. Mi ò kà wọ́n kún, ìyàwó ilé ni mò ń wá.

Àǹtí Ọlọ́jà: O ò ṣe tètè sọ! Kọ ọ́ báyìí: "Alákàrà, ìlẹ̀kùn àdògán yìí ń jẹ́ kí o dín iná kù kí òróró rẹ tó jóná, kí àkàrà rẹ má baà dúdú. Amọ̀ inú rẹ̀ ń ká ooru mọ́ abẹ́ agbada, kí èédú rẹ má baà tètè tán." Èrè ló ṣíwájú, ohun tó mú un wá tẹ̀ lé e. Má kọ "ìlàjì èédú" o, àfi tó o bá wọn èédú kan náà sínú tìẹ àti ti alápáànù, tó o se omi kan náà lórí méjèèjì, tó o sì wọn èyí tó ṣẹ́ kù.

Bàbá Sáìnì: Ó ti gùn jù. Ta ló fẹ́ dúró kà á lọ́jà?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Àwọn ìyàwó ilé ńkọ́? Mi ò fẹ́ lé wọn lọ.

Àǹtí Ọlọ́jà: Tẹ tiwọn lọ́tọ̀. Wọn kì í din àkàrà tà.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní a ò gbọdọ̀ yọ ọ̀dà yẹn, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ kùn ún.