Àbájáde: fídíò ìsọ̀ Balógun ti bọ́ sípò

Ìbéèrè mi: “Mo fún ẹ̀rọ AI tó ń ṣe fídíò ní àwòrán ìbẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀kùn ìsọ̀ ṣì wà ní títì, àti ti ìparí, tí ìyá aláńkárá ti hàn nínú ìsọ̀, kí ló dé tí àárín fídíò fi ń dà bí òjìji?”

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará, ó ti yanjú. Bọ̀dá tó ń ṣe fídíò ní Yábàá ló rí ìdí ẹ̀. Wọ́n ní kí n dá fídíò náà dúró láàárín gan-an. Ilẹ̀kùn onírin ṣì wà níbẹ̀, ìyá aláńkárá sì ti ń hàn láti inú rẹ̀ bí èéfín. Ẹ̀rọ ò rí ọ̀nà láti àwòrán kan dé ìkejì, ló bá ń pa ọ̀kan rẹ́ kí èkejì lè yọ. Ojú títì la ti ya ti àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ la ti ya ìkejì. A wá tún ti àkọ́kọ́ yẹn gan-an ṣe di ti ìparí, kí igun àti ìmọ́lẹ̀ má bàa yí.

Àǹtí tó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i fún ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà díẹ̀. Àmọ́ àwòrán ti sọ bí aṣọ ṣe rí. Bí nǹkan ṣe ń rìn ló kù ká kọ. Èyí tó ṣiṣẹ́ rèé:

“Ilẹ̀kùn onírin ń ká sókè láìdúró. Ìyá náà ti wà nínú ìsọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn náà ìró, lẹ́yìn náà ojú. Kámẹ́rà ò kúrò lójú kan.”

Ìṣẹ́jú àáyá 5 tó fún un.

Lẹ́tà orí pátákó ìsọ̀ ṣì ń dàrú láàárín. A ò tíì rí ojútùú ẹ̀.