Ta ló máa ṣe inṣọ́ránsì ilé tí mo fẹ́ yá fi ṣe ṣọ́ọ̀bù irun?

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù irun kan ní Peckham, ní London níbí, fún ọdún márùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló wà nísàlẹ̀, aláṣọ kan ló wà nínú èkejì, fúláàtì méjì sì wà lókè wa. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ gùn bí ìrìn àjò. Wọ́n ní lánlọ́ọ̀dù ló máa ṣe inṣọ́ránsì ilé, àmọ́ èmi ni màá máa dá ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀ padà fún un. Lọ́dún yìí gbogbo owó náà jẹ́ 2,400 pọ́ùn, tèmi wá jẹ́ 840. Gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní èmi ni kí n ṣe inṣọ́ránsì tiẹ̀. Ṣé mo tún máa ra ti ilé fúnra mi ni? Bí omi bá sì ya láti ibi tí mo ti ń fọ irun lọ bá aláṣọ, ta ló máa san án? Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí i.

Ṣẹ́gun, Ìbàdàn:
Ọkùnrin yẹn fẹ́ lù yín ní jìbìtì ni. Ilé ẹ̀ ni, kó fowó ara ẹ̀ ṣe é! Níbí, láti ọdún 2003 ni òfin ti sọ pé ilé tí ayálégbé bá ń gbé gbọ́dọ̀ ní inṣọ́ránsì iná, ìjì, àgbàrá àti ilé wíwó. Lánlọ́ọ̀dù mélòó ló ṣe é? Nígbà tí iná jó ìlà ṣọ́ọ̀bù wa, kò sẹ́ni tó rí bébà kankan mú jáde. Báàlì aṣọ mọ́kànlá ni mo pàdánù, n kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹ má fún un lówó o.

Àǹtí Fọlákẹ́:
Ṣẹ́gun, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la wà nínú ẹ̀. Mo ti bá àwọn tó ń lọ yẹ òfò wò fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlá. Ní ti ṣọ́ọ̀bù níbí, ohun tẹ́ ẹ bá jọ kọ sínú ìwé àdéhùn lẹ máa tẹ̀ lé, bí wọ́n sì ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn: lánlọ́ọ̀dù á rà á, gbogbo ẹni tó ń lo ilé á pín owó ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ má ra ti ilé lẹ́ẹ̀kejì. 840 yẹn ti ń ra nǹkan ńlá fún yín. Ká ní dráyà kan gbiná nítorí pé ẹnì kan nínú yín gbàgbé láti pa á, ilé sì jó. Adójútòfò á san owó fún lánlọ́ọ̀dù láti tún un kọ́. Lẹ́yìn náà, ó lè wù wọ́n láti yíjú sí yín pé ẹ̀yin lẹ fà á, ẹ dá owó wa padà. Irú ẹ̀ dé ilé ẹjọ́, ẹjọ́ Mark Rowlands àti Berni Inns, ó wà nínú ìwé ẹjọ́ 1986. Berni Inns yá ìsàlẹ̀ ilé, àìṣọ́ra wọn fa iná, ilé jó. Àwọn adájọ́ ní ayálégbé ti dá nínú owó inṣọ́ránsì, lánlọ́ọ̀dù sì ti ṣèlérí pé òun á fi owó tó bá wọlé tún ilé kọ́, nítorí náà wọn ò lè padà wá gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. Síbẹ̀, kí lọ́yà yín ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú bébà inṣọ́ránsì gan-an pé wọn ò ní yíjú sí yín.

Ààbò yẹn kò dé ọ̀dọ̀ aláṣọ o. Bí omi bá ya, ilẹ̀ àti ògiri, ti inṣọ́ránsì ilé ni. Aṣọ tó bàjẹ́, inṣọ́ránsì ọjà tiẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sanwó. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá béèrè ohun tó fà á. Bó bá jẹ́ pé irun dí ojú ihò sínkì, tẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ omi sílẹ̀ lọ dá oníbàárà lóhùn, wọ́n á wá bá yín, inṣọ́ránsì yín fún ará ìta ló sì máa gbé e. Bó bá jẹ́ páìpù inú ògiri tó bẹ́ láìsí àmì, ẹ ò jẹ̀bi, àdánù ẹ̀ á dúró sọ́dọ̀ adójútòfò tiẹ̀. Ẹrù tiyín, ẹ̀rọ àti wíìgì, ẹ̀yin ló ni kẹ́ ẹ ṣe inṣọ́ránsì ẹ̀.

Wálé:
Bí Àǹtí ti wí ni. Ti ará ìta yẹn sì ti tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ti òṣìṣẹ́ mọ́ ọn fún yín, torí àwọn tó ń dirun lọ́dọ̀ yín àga ni wọ́n ń yá, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Òfin 1969 tó ní kí ẹni tó gba òṣìṣẹ́ ṣe inṣọ́ránsì nítorí wọn ò kàn yín.

Àǹtí Fọlákẹ́:
Wálé, ìdajì rẹ̀ lẹ mú. Orúkọ tẹ́ ẹ bá pe ènìyàn kọ́ ni wọ́n ń wò. Bó bá jẹ́ Ìyá Ìbejì ló ń sọ aago tí wọ́n máa dé, tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, tó sì ń fún wọn ní tiwọn, wọ́n lè pè wọ́n ní òṣìṣẹ́. Inṣọ́ránsì náà kò gbọ́dọ̀ dín ní mílíọ̀nù 5 pọ́ùn, ìtanràn ẹni tí kò ní in sì lè tó 2,500 pọ́ùn lójúmọ́. N kò lè sọ èyí tó jẹ́ láti ibi tí mo jókòó sí.

Ó ku ìkan: ti ará ìta lásán máa ń yọ iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀. Bí rilásà bá jó awọ orí ènìyàn, ó ní ẹ̀ka tó wà fún un. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bísí, Woolwich:
Ẹ tún wo apá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó ilé o. Oúnjẹ ni mo ń tà. Páìpù bẹ́ lókè mi, sílíìnì já lulẹ̀, a ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n tún sílíìnì ṣe, kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ìwé àdéhùn mi kò sọ pé owó ilé dúró, mo san gbogbo ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún pọ́ùn àkọ́kọ́ tí adójútòfò kì í san, wọ́n pín in lé wa lórí. Fírísà méjì tó bàjẹ́, n kò sọ ọ́ sínú inṣọ́ránsì rárá.

Àǹtí Fọlákẹ́:
Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ ti Bísí dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé owó ilé dúró títí ṣọ́ọ̀bù á fi ṣeé lò, kí lánlọ́ọ̀dù sì ra inṣọ́ránsì owó ilé tí kò wọlé, kó má bàa sọ pé ebi ń pa òun. Ẹ gba bébà inṣọ́ránsì ilé náà, ẹ kà á fúnra yín.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Àǹtí, ẹ ṣeun. Mo ní kí lọ́yà béèrè bébà náà, ó dé lánàá. Ẹ wá gbọ́: nínú bébà wọn, ṣọ́ọ̀bù tèmi ṣì jẹ́ ti ẹni tó ń ta ìwé! Ẹni tó kó kúrò níbẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún adójútòfò pé dráyà mẹ́fà àti iná gbígbóná ló ń bọ̀.

Àǹtí Fọlákẹ́:
Háà! Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, wọ́n lè ní a ò bo irú iṣẹ́ yìí. Ẹ má fọwọ́ sí i títí lánlọ́ọ̀dù á fi sọ fún wọn, tí wọ́n á sì fi èsì ránṣẹ́ ní ìwé. Owó ẹ̀ lè gbẹ́nu sókè díẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Mo ti sọ fún wọn pé Jímọ̀ kò ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n gbà láti kọ ti owó ilé, wọ́n ò tíì fèsì lórí ẹgbẹ̀rún pọ́ùn yẹn. Àwọn tó ń dirun ńkọ́? Mo ṣì fẹ́ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, torí èmi fúnra mi ni mò ń sọ aago tí wọ́n máa dé.