Ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi rọ́pò “bẹ̀rẹ̀” níbi ìṣílé gbọ̀ngàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni olóòtú ètò níbi ìṣílé gbọ̀ngàn ìlú wa lọ́jọ́ Sátidé. Nínú ojú ìwé kan ṣoṣo tí mo kọ, “bẹ̀rẹ̀” fara hàn nígbà márùn-ún, kò sì dùn létí. Mo ti yí díẹ̀ padà: àdúrà la ó fi ṣí ètò, a ó fi ìgbìmọ̀ alábòójútó lọ́lẹ̀, kábíyèsí yóò sì ṣí aṣọ lójú eégún òkúta ìrántí. Ìkówójọ ló kù. Ṣé “ṣíde” bá a mu, àbí “fi lọ́lẹ̀” náà ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí “fi lọ́lẹ̀” má di àsọtúnsọ.