Báwo ni mo ṣe lè kọ òótọ́ sínú ìjábọ̀ ìparí iṣẹ́ láì dójú ti ẹnikẹ́ni?

Ìyá Àlíà, Ìlọrin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa. Bọ́họ̀ọ̀lù 6 ni a gbẹ́ sí àwọn abúlé kan ní ìhà Òmù-Àrán. Márùn-ún ń mú omi jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ìkẹfà gbẹ nínú oṣù kejì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú. Ìjábọ̀ ìparí iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti há sí ibi tí a ń kọ ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí: "Iṣẹ́ falẹ̀ nítorí àìkọbiara ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, agbaṣẹ́ṣe kò sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ." Ọ̀gá mi ní kí n yọ ọ́, nítorí ọ́fíìsì yẹn náà ni a óò tún bá ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo wá kọ ọ́ báyìí: "A rí ìpèníjà díẹ̀, a sì borí wọn." Nígbà tí mo tún un kà, ojú ti èmi fúnra mi.

Olùkọ́, Àjàsẹ́-Ìpo:
Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ipò iṣẹ́ wọn nìkan ni kí ẹ kọ. Kò sí ẹni tí yóò bínú.

Akáúńtáǹtì, Òró:
Ẹ rí i pé gbogbo rìsíìtì pé kí ẹ tó fi ìjábọ̀ sílẹ̀ o. Tiwa kù 2, wọ́n dá a padà.

Bàbá Ẹnjiníà, Ọ̀fà:
Akáúńtáǹtì, ti owó kọ́ ni wọ́n ń bèèrè. Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń di irú ipò yẹn mú ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Bí ẹ kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Ìyá Àlíà, "àìkọbiara" àti "bí ó ti yẹ" jẹ́ ìdájọ́. Ọjọ́ àti ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò wọn. Ọjọ́ wo ni lẹ́tà tí ẹ fi tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ́fíìsì náà kúrò lọ́dọ̀ yín? Oṣù wo ni wọ́n dán omi ìkẹfà wò, wákàtí mélòó ni wọ́n sì fi fà á?

Ìyá Àlíà:
Mo lọ tú fáìlì, sà, ohun tí mo bá níbẹ̀ kò dùn mọ́ mi. Ọjọ́ 10 oṣù kìíní ni ètò wa sọ pé a óò fi lẹ́tà sílẹ̀, ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni a fi í sílẹ̀, ìyọ̀ǹda sì dé ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin. Wákàtí 1 péré ni wọ́n fi fa omi náà, nínú oṣù kẹsàn-án tí òjò ń rọ̀. Ìwé àdéhùn tí àwa fúnra wa kọ ní kí wọ́n "dán omi wò", kò sọ iye wákàtí.

Bàbá Ẹnjiníà:
Àṣìṣe tiyín ni kí ẹ fi ṣíwájú nígbà náà, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i pé ẹ ka ara yín mọ́ ọn kò ní fi ìbínú ka ìyókù. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Lẹ́tà wa pẹ́ ju ètò lọ ní bí ọ̀sẹ̀ 7, ìyọ̀ǹda sì gba ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn náà, èyí tó sún iṣẹ́ wọ àkókò òjò. Àdéhùn wa kò sọ iye wákàtí tí a ó fi dán omi wò; wákàtí 1 ni a fi dán ìkẹfà wò nínú oṣù kẹsàn-án, ó sì gbẹ nínú oṣù kejì. Lọ́jọ́ iwájú, ọ̀gá iṣẹ́ yóò rí i pé àdéhùn sọ iye wákàtí náà, a óò sì dá apá kan owó agbaṣẹ́ṣe dúró títí a ó fi tún dán omi wò ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn."

Ẹ má kọ ọ́ pé àkókò òjò tí wọ́n dán an wò ló fà á o. Ilẹ̀ àpáta ni tiwa, inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ni omi máa ń wà, ó sì lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n gbẹ́ ni kò dára. Bọ́họ̀ọ̀lù kan kò tó láti mọ èwo ni. Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìpínrọ̀ yìí han ọ́fíìsì náà àti agbaṣẹ́ṣe kí ìjábọ̀ tó lọ. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ kan kò tọ̀nà, tí ìwé sì gbè wọ́n, ẹ tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kàn korò lẹ́nu wọn ni, ẹ lè fi í sílẹ̀. Ní ti owó ẹ̀yìn, bí ó bá wà, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn.

Olùkọ́, Àjàsẹ́-Ìpo:
Bí agbaṣẹ́ṣe bá rí i ṣáájú, ṣé kò ní sáré lọ bá ọ̀gá kí wọ́n pa á rẹ́?

Bàbá Ẹnjiníà:
Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ìpínrọ̀ mi kò sì jáde. Síbẹ̀, mo ṣì ń fi hàn wọ́n.

Ìyá Àlíà:
Mo fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lánàá. Ẹni tó wà níbẹ̀ pè mí pé ọjọ́ 25 ni òǹtẹ̀ wà lórí ìyọ̀ǹda náà, kì í ṣe 28, òótọ́ sì ni. Ọjọ́ tí àwa lọ gbà á ni mo kọ. Kò bá mi jà rárá. Ti agbaṣẹ́ṣe ni ọ̀gá mi kò tíì gbà kí n fi ránṣẹ́.