Ìlà méjì tó ń kọjá ara wọn: bí ọjà tí kò lọ síbì kan ṣe jẹ mí lówó

Bíọ́dún: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Lójoojúmọ́ tí ọjà bá ti tú, mo máa ń ṣírò ìpíndọ́gba iye owó ìpín ìdókòwò kan fún ọjọ́ 2 tó kẹ́yìn, màá sì ṣírò ti ọjọ́ 4, màá wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan fa ìlà. Bí ìlà ọjọ́ 2 bá gòkè kọjá ìlà ọjọ́ 4, màá rà lọ́jọ́ kejì. Bó bá já sísàlẹ̀ rẹ̀, màá tà. Mo jẹ èrè nígbà tí ọjà ń gòkè láìdúró. Nígbà tó yá ni iye owó bẹ̀rẹ̀ sí í fì síwá fì sẹ́yìn: náírà 100, 103, 106, 103, 100, 97, 94, 97, kó tó tún padà sí 100. Bí mo bá ti rà, ó já. Bí mo bá ti tà, ó gbéra. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ẹnìkan ń ṣọ́ mi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi náà ṣe ìpíndọ́gba: mo rà ní 106, mo tún rà ní 94, iye tí mo fi rà wá di 100. Kò pa mí lára.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Ìyá Ìbejì, iye tí ẹ fi rà ni ẹ pín dọ́gba, kì í ṣe iye tí ọjà ń pè. Bíọ́dún, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí iye owó gòkè padà sí 100, ìpíndọ́gba 97 àti 100 jẹ́ 98.5, ti 97, 94, 97 àti 100 sì jẹ́ 97. Ìlà ti kọjá, àmọ́ ọjà ti tú. Ọ̀la ni wàá rà, 103 sì ni iye ọ̀la. Bó bá ń bọ̀ wálẹ̀, ìlà á já lọ́jọ́ tí owó jẹ́ 100, wàá tà ní 97. Náírà 6 lọ lórí ìpín kan, láìtíì ka owó alágbàtà. Iye àná ṣì wà nínú ìpíndọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Bí ọjà bá lọ jìnnà, pípẹ́ yẹn kò tó nǹkan. Nínú ọjà tó ń fì, òun ló ń jẹ èrè tán.

Táyé: Ẹ̀gbọ́n, ṣebí kó lo ọjọ́ 4 àti 8 ni.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Mo ṣírò rẹ̀. Ìpíndọ́gba ọjọ́ 8 kò kúrò ní 100. Ìlà ọjọ́ 4 kò gòkè kọjá a títí di ọjọ́ tí owó dé 106. Lọ́jọ́ kejì, wàá rà ní 103 nígbà tó ti ń já bọ̀. Wàá tún tà ní 97. Náírà 6 náà ni.

Táyé: Àmọ́ bí a bá lo 8 àti 16, méjèèjì á dúró ní 100, wọn kò ní kọjá ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Òótọ́ ni, nínú ọjà tó ń fì déédéé báyìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá gbéra lóòótọ́, wàá pẹ́ kí o tó wọlé.

Bíọ́dún: Mo ti ń kọ ọjọ́ tí ìlà ń kọjá sínú ìwé báyìí. Bó bá kọjá lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, màá dáwọ́ dúró. Ìgbà tí n ó tún bẹ̀rẹ̀ ni n kò tíì mọ̀, màá sì ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan kí iye yẹn tó pé.